Owó Orí Lórí Òwò Àìkọsílẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni à ń pè ní òwò àìkọsílẹ̀?

Òwò àìkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ tàbí òwò tí kò lòdì sófin fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Kò forúkọ sílẹ̀, kò ní ìwé ìṣirò owó tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, ẹni tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Alátẹ, aránṣọ, awakọ̀ èrò, mẹkáníìkì àti lébìrà tó ń gbowó iṣẹ́ ojúmọ́ wà nínú rẹ̀. Àjọ ILO tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2018 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ènìyàn ni iṣẹ́ wọn wà ní ìsọ̀rí yìí, èyí tó lé ní ìpín 60 nínú 100 gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láyé.

Ẹ má ṣe da fàyàwọ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bákan náà, agbẹjọ́rò tó forúkọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń fi ìdajì owó tó wọlé fún un pamọ́ kì í ṣe oníṣòwò àìkọsílẹ̀; ẹni tó ń sá fún owó orí ni, ọ̀nà tí a sì ń gbà mú irú wọn yàtọ̀. Lójú tèmi, ohun tó ń mú kí ọ̀pọ̀ ìjọba máa lé alátẹ kiri ni pé alátẹ wà ní ojútáyé, agbẹjọ́rò wà nínú ọ́fíìsì.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í san nǹkan kan?

Rárá o. Ohun tí wọn kì í sábà san ni owó orí lórí èrè. Wọ́n ń san owó ilẹ̀ ọjà, owó ìwé àṣẹ, owó gáréèjì, owó ilẹ̀ gbígbá àti owó ẹgbẹ́. Wọ́n tún ń san owó orí tó ti wà nínú iye tí wọ́n ra ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, wọn kò sì lè béèrè fún un padà bí ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ṣe lè ṣe. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ní ìlú Àkrà, ní Gánà, fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń san owó kan tàbí òmíràn fún ìjọba.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé iye kan náà ni wọ́n máa ń bù fún gbogbo wọn. Bí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ojúmọ́ bá jẹ́ 2, ẹni tó jèrè 50 lọ́jọ́ náà ti san ìpín 4 nínú 100 èrè rẹ̀, ẹni tó jèrè 500 kò san tó ìdajì ìpín 1. Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní àwọn ènìyàn yìí kì í san owó orí, ohun tó ń sọ gan-an ni pé owó tí wọ́n ń san kò dé àpò tí òun ń ṣọ́.

Kí ló dé tí ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù fi rọrùn láti gbà?

Nítorí pé ẹlòmíràn ló ń ròyìn owó rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ti yọ owó orí kúrò kí owó oṣù tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ti kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 lórí orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì fi èyí hàn kedere. Nínú owó tí agbanisíṣẹ́ tàbí báńkì ti ròyìn, owó orí tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ kò tó ìpín 1 nínú 100. Nínú owó tó jẹ́ pé ẹnu ẹni tó ni ín nìkan ni ìjọba ti lè gbọ́ ọ, ó lé ní ìpín 40. Ènìyàn kan náà ni, òfin kan náà ni, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ọ̀dọ̀ ìjọba ló yàtọ̀.

Òwò àìkọsílẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ta ọjà gba owó lọ́wọ́ sí ọwọ́, ẹni tó rà á kò nílò rìsíìtì, ẹni tí wọ́n ti ra ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àìṣòótọ́ ni gbogbo rẹ̀ kí ó padà wo àwọn ará Dẹ́ńmáàkì yẹn.

Bí ìjọba bá gba agbowó orí púpọ̀ sí i ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní agbowó orí kan ń gba 200 lóòjọ́, ó sì lè yẹ òwò oníṣòwò 10 wò dáadáa: kí ó béèrè ọ̀rọ̀, kí ó ka ọjà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fara da àríyànjiyàn. Ká ní 40 ni owó orí ọdún kan tó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí gbogbo wọn bá san, 400 ló wọlé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìdajì wọn ló bá nílé tí wọ́n sì san, 200 péré ni, ìyẹn sì ti tán sórí owó iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó ka owó ọkọ̀, ìwé àti ọ́fíìsì. Agbowó kan náà tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan lórí ìwé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lè mú ìlọ́po owó yẹn wá.

Ewu kejì ni pé ojúkojú ni wọ́n ti ń dúnàá dúrà. Agbowó á ní 100, oníṣòwò á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á parí rẹ̀ sí 30, 30 náà á sì wọ àpò tí kò ní rìsíìtì. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le: kí ẹlòmíràn ka ìsọ̀ tó wà ní òpópónà kan, kí ó fi wé iye ewé tó ti ya nínú ìwé rìsíìtì. Bí ìsọ̀ bá jẹ́ 300 tí ewé sì jẹ́ 90 lóṣooṣù, tí kò sì sí ẹni tí wọ́n tì ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí àìsanwó, a ti mọ ibi tí ìyókù ń gbà.

Owó orí ọjà títà kò ha yẹ kó mú gbogbo wọn?

Owó orí ọjà tí à ń pè ní VAT ní ọgbọ́n kan nínú: ẹni tó rà láti tún tà fẹ́ gba rìsíìtì, torí pé rìsíìtì ni yóò fi yọ èyí tó ti san kúrò nínú èyí tó jẹ ìjọba. Olùrà wá di ẹlẹ́rìí lórí olùtà. Àmọ́ okùn yìí já ní ìpẹ̀kun, nítorí pé ẹni tó rà láti jẹ tàbí láti lò kò ní nǹkan tí yóò fi rìsíìtì ṣe, ibi ìpẹ̀kun yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òwò àìkọsílẹ̀ wà.

Ìpínlẹ̀ Sàó Páólò ní Bùràsíìlì gbìyànjú láti so okùn náà padà ní ọdún 2007. Oníbàárà tó bá gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú á gba díẹ̀ padà nínú owó orí tí ìsọ̀ náà san, àwọn rìsíìtì náà tún ń wọ tẹ́tẹ́ ìjọba, oníbàárà sì lè wò ó lórí ẹ̀rọ ayélujára bóyá ìsọ̀ náà ròyìn ọjà tó tà fún òun. Ìwádìí fi hàn pé iye ọjà tí àwọn ìsọ̀ ròyìn ga sí i ní nǹkan bí ìpín 21 nínú 100 láàárín ọdún mẹ́rin. Ẹ kíyè sí i, àwọn ìsọ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni èyí mú. Ẹni tó ń gbé igbá ọjà kiri kò ní ẹ̀rọ rìsíìtì tí ẹnikẹ́ni yóò béèrè.

Kí ni owó orí àfojúdíwọ̀n, báwo ni wọ́n sì ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Nígbà tí èrè kò bá ṣeé mọ̀, ìjọba á wá nǹkan tó ṣeé rí, á sì fi díwọ̀n rẹ̀: gbogbo owó tó wọlé, fífẹ̀ ìsọ̀, iye ìjókòó inú ọkọ̀, tàbí owó ìwé àṣẹ. Kẹ́ńyà ti gbìyànjú méjì nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín 3 nínú 100 gbogbo owó tó wọlé fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ọdún 2008. Àwọn tó san kò pọ̀, ni ó bá yí i padà ní ọdún 2019 sí ìpín 15 nínú 100 owó ìwé àṣẹ òwò, tí wọ́n ń san nígbà kan náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ní ọdún 2020 ó padà sí owó tó wọlé, ó sọ ọ́ di ìpín 1 kí ọdún náà tó parí, òfin ọdún 2023 sì tún gbé e padà sí ìpín 3 fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún wà láàárín mílíọ̀nù 1 àti mílíọ̀nù 25 ṣílè.

Ẹ mú ènìyàn méjì, kí mílíọ̀nù 1.2 ṣílè wọlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́dún. Ìpín 3 nínú rẹ̀ jẹ́ 36,000 ṣílè fún àwọn méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ń ta ṣúgà àti ìyẹ̀fun, èrè rẹ̀ kò ju ìpín 10 lọ, ìyẹn 120,000. Owó orí ti kó ìpín 30 nínú 100 èrè rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì ń ṣe irun, ìdajì owó tó wọlé ni èrè, ìyẹn 600,000. Ìpín 6 péré ni owó orí mú nínú èrè tirẹ̀. Òfin náà gba ẹni àkọ́kọ́ láàyè láti sọ pé òun yan owó orí lórí èrè, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ló nílò fún ìyẹn, àìsí ìwé ìṣirò ló sì gbé e dé ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tó ṣeé rí, bíi fífẹ̀ ìsọ̀ tàbí iye àga, dára ju owó tó wọlé lọ fún àwọn tó kéré jù. Kò péye, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi àga mẹ́ta pamọ́, kò sì sí agbowó tó lè sọ ọ́ di mẹ́jọ.

Ṣé ẹgbẹ́ oníṣòwò lè bá ìjọba gbà á?

Gánà ni àpẹẹrẹ tó kún jù lọ. Ní ọdún 1987, ìjọba gbé gbígba owó orí àwọn awakọ̀ èrò lé ẹgbẹ́ awakọ̀ GPRTU lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Awakọ̀ kì í kọ ìṣirò sílẹ̀, kì í dúró sójú kan, àmọ́ kò sí bí yóò ṣe gbérò láìwọ gáréèjì, ẹgbẹ́ ló sì ni gáréèjì. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹgbẹ́ lójoojúmọ́ kàn fi owó orí kún un. Fún awakọ̀, díẹ̀díẹ̀ lójúmọ́ rọrùn ju kí wọ́n ní kó wá san odidi owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nígbà tó ṣe, ìjọba fẹ ètò náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Fún ìgbà díẹ̀ ó mú owó wá níbi tí kò sí kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé kò sí ẹni tó mọ iye tó yẹ kó dé. Ẹgbẹ́ ń gbà lójoojúmọ́, ó ń san án fún ìjọba nígbà tó bá wù ú, ìjọba kò sì ní àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí yóò fi bi í léèrè. Ẹgbẹ́ náà tún sún mọ́ ìjọba ìgbà yẹn jù, agbára tí owó orí fún un sì tún mú un lé àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ mìíràn ká. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà ní ọdún 2001, àjọṣe yẹn bàjẹ́.

Ní ọdún 2003, wọ́n fi sítíkà rọ́pò rẹ̀. Onímọ́tò á ra sítíkà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, iye rẹ̀ á dá lórí irú ọkọ̀ àti ìjókòó tó wà nínú rẹ̀, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú. Ẹ wo ohun tí sítíkà yìí yí padà. Ẹni tí kò bá san hàn sí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè ìwé ìṣirò, owó kò sì gba ọwọ́ aṣáájú ẹgbẹ́ mọ́. Ní ọdún 2005, wọ́n gbé irú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké mìíràn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ kò sí ojú ọ̀nà àti ọlọ́pàá tí yóò máa yẹ gíláàsì wò, agbowó orí ní láti tún máa rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló mú kí sítíkà ṣiṣẹ́.

Ṣé ẹ̀kọ́ Gánà ni pé kí a má ṣe lo àwọn aṣáájú àdúgbò rárá?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Kanáńgà ní Kóńgò, ní ọdún 2018, ìjọba pín àwọn àdúgbò láìṣojúsàájú: ní àwọn kan, olórí àdúgbò ló gba owó orí ilé, ní àwọn mìíràn, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn olórí àdúgbò mú owó tó fi nǹkan bí ìpín 44 nínú 100 ju ti àwọn òṣìṣẹ́ lọ wá. Wọn kò fi agbára gbà á. Wọ́n mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ilé onítọ̀hún ni wọ́n sì padà lọ.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Gánà ni pé wọ́n ti ka gbogbo ilé, wọ́n sì ti kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ sílẹ̀, kí olórí àdúgbò tó gbéra. Ìmọ̀ nìkan ni wọ́n yá lọ́wọ́ rẹ̀; ìṣirò wà lọ́wọ́ ìjọba.

Ǹjẹ́ ètò kan wà tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn wá bá?

Ó wà ní Bùràsíìlì, wọ́n ń pè é ní MEI. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 fún ẹni tó ń dá òwò ṣe tàbí tó ní òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí ẹ̀rọ ayélujára. Iye kan ni wọ́n ń san lóṣù: ìpín kan nínú owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí, tó jẹ́ ìpín 11 nínú 100 níbẹ̀rẹ̀ tó sì di ìpín 5 ní ọdún 2011, pẹ̀lú réàlì 1 bí ó bá ń ta ọjà tàbí réàlì 5 bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà. Kò sí ìwé ìṣirò gígùn. Owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju iye kan lọ. 81,000 réàlì ni láti ọdún 2018.

Ohun tó fà wọ́n wá ni ohun tí wọ́n ń rí gbà. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn ń lọ sí àpò owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà ẹni tó bá san ní ẹ̀tọ́ sí owó ọjọ́ ogbó, owó àìsàn àti owó ìbímọ. Ó tún gba nọ́ńbà òwò, ó sì lè fi í ta ọjà fún ilé-iṣẹ́ tó ń béèrè rìsíìtì. Iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 10.

Ó ní àbùkù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ tí kì í san lóṣooṣù. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan sì ń ní kí òṣìṣẹ́ wọn lọ di MEI kí àwọn má baà san owó tó tọ́ lórí rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 tún rí i pé ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìkan kò mú ẹnikẹ́ni wá; ìgbà tí owó oṣooṣù náà dínkù ni wọ́n tó wá, àpò ìjọba sì pàdánù ju ohun tó rí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ MEI kí ó mọ̀ pé ààbò fún òṣìṣẹ́ ló ń rà. Kì í ṣe owó ló ń pa.

Ṣé kò tó kí a kàn mú ìforúkọsílẹ̀ rọrùn?

Ní Sìrì Láńkà, àwọn olùwádìí san owó ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, wọ́n sì ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ fún wọn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó dìde. Nígbà tí wọ́n ní àwọn yóò fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní owó tó tó èrè oṣù méjì, nǹkan bí ìdajì ló gbà. Àwọn ènìyàn yìí mọ ìṣirò: ìwé ìforúkọsílẹ̀ ń mú owó orí wá lọ́dọọdún, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí yóò mú bọ̀ sọ́dọ̀ àwọn náà.

Owó orí lórí owó tí à ń fi fóònù ránṣẹ́ ńkọ́?

Ó dà bíi pé ó rọrùn, torí pé ilé-iṣẹ́ fóònù ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ùgáńdà gbé ìpín 1 nínú 100 lé e ní oṣù Keje ọdún 2018. Ariwo pọ̀, ó sì já a sí ìdajì ìpín 1 lórí owó gbígbà jáde nìkan. Gánà gbé ìpín 1.5 lé e ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ó dín in sí ìpín 1 ní ọdún 2023, ó sì fagi lé e pátápátá ní ọdún 2025.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé owó tó ń rìn kì í ṣe èrè. Owó tí mo fi ránṣẹ́ láti san gbèsè ọjà, tí ẹni náà tún fi san tirẹ̀, ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó jèrè. Èyí tó tún burú ni pé ó lé àwọn ènìyàn padà sídìí owó ọwọ́, ibi tí kò ti sí àkọsílẹ̀ kankan. Ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ dígí tí ìbá fi máa wo òwò.

Ẹni tí òwò rẹ̀ kéré jù ńkọ́, kí a fi í sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí owó tí yóò san kò bá tó owó tí a ó fi gbà á. Kí òfin sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó báyìí kò jẹ nǹkan kan, kí agbowó kankan má sì ní ìdí láti dúró ní ìsọ̀ rẹ̀. Òfin tó ní kí gbogbo ènìyàn san, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe, ohun tó ń bí ni àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ni ẹnu ààlà. Bí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan kọjá ààlà bá ní láti san lórí gbogbo owó tó wọlé, ènìyàn yóò há sí abẹ́ ààlà náà: wọn á pín ìsọ̀ kan sí orúkọ ìyàwó àti ọmọ, wọn á sì dẹ́kun títà lákọsílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. A máa ń rí i nínú ìwé ìròyìn owó wọn, nígbà tí iye àwọn tó wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ààlà bá pọ̀ lọ́nà tí kò bójú mu, tí kò sì sí ẹni kankan díẹ̀ lókè rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí owó orí bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tó kọjá ààlà nìkan, tàbí kí ó gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ètò kan ti ń yẹ̀?

Àmì àkọ́kọ́ ni pé iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ń gòkè tí iye àwọn tó san lóṣù yìí kò sì kúrò lójú kan. Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn láti máa ka ti àkọ́kọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ẹ máa béèrè èkejì.

Àmì kejì ni pé kò sí ẹni tó ń kúrò ní ìsọ̀rí kékeré bọ́ sí ti ńlá. Bí ẹni tó wọlé ní ọdún kẹta ṣì ń ròyìn owó kan náà ní ọdún kẹwàá, bó tilẹ̀ ti kọ́ ìsọ̀ kejì, ìsọ̀rí kékeré náà ti di ibi ìsápamọ́sí. Ibẹ̀ ni fífẹ̀ ìsọ̀, iná mànàmáná tó ń lò àti iye ọjà tí olùpèsè ròyìn pé òun tà fún un ti ń wúlò. Kò pọn dandan kí agbowó lọ bi í ní nǹkan kan. Kí ó fi ìwé olùpèsè wé ìwé tirẹ̀, kí ó sì kọ lẹ́tà kan sí i tó sọ iye tó rí níbẹ̀.